Ẹ̀yín Iná Tí Kò Rú Èéfín

Lóru mọ́jú ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2021, iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í lọ káàkiri ìpínlẹ̀ Tẹ́sáàsì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òtútù tí kì í sábà dé apá gúúsù bẹ́ẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń pèsè iná dì gbagidi, gáàsì tí wọ́n fi ń dá àwọn ẹ̀rọ míì kò ṣàn dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ilé ń tan hítà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń ṣàkóso iná ní láti gé e fún àwọn kan kí gbogbo rẹ̀ má bàa dákú. Ilé àti ilé iṣẹ́ tó bọ́ sínú òkùnkùn lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun fi máa mọ́, òtútù ìlú Hiúsítìnì ti kọjá ìwọ̀n 10 lábẹ́ òdo ní Sẹ́síọ̀ọ̀sì.

Hiúsítìnì kì í ṣe ìlú òtútù. Ooru ni wọ́n ń bá jà níbẹ̀ lọ́pọ̀ oṣù, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó pọ̀ sí ìlú náà, àwọn Yorùbá pẹ̀lú, fi máa ń sọ pé ó dà bí ilé. Iná mànàmáná ló ń mú ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ gbóná. Kódà hítà tó ń lo gáàsì nílò iná kí fáànù rẹ̀ tó lè fẹ́ ooru wọ yàrá. Iná lọ, ooru bá a lọ.

Ìdílé tí a fẹ́ tẹ̀ lé wọ inú òru yẹn, àpẹẹrẹ la fi wọ́n ṣe. A tò ìrírí wọn jọ kí òǹkàwé lè rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ láti ìṣísẹ̀ kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n ìjì yẹn ṣẹlẹ̀, òtútù yẹn pa èèyàn, bí èédú sì ṣe ń ṣe nínú ilé kò yàtọ̀ sí bí a óò ṣe sọ ọ́.

Ọkọ àti aya ni wọ́n, pẹ̀lú ọmọ méjì tó ń lọ sí ilé ìwé àti ìkókó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá ọkọ náà wà níbẹ̀. Ìbàdàn ló ti wá tọ́jú ìyá ìkókó. Láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń fara da òtútù. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ alẹ́, ọwọ́ ìkókó ti tutù bí omi, ìyá rẹ̀ sì ti wé gbogbo aṣọ tó wà nínú àpótí mọ́ ọn lára tán. Ni bàbá ilé bá rántí pé èédú tí wọ́n fi sun ẹran níbi ìsọmọlórúkọ ṣì ṣẹ́ kù ní gáráàjì.

Ó gbé irin ìsunran kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé, ó da èédú sí i, ó ṣáná sí i. Òun náà mọ̀ pé èéfín kò dára nínú ilé. Nítorí náà ló ṣe dúró nínú òtútù, tó ń fi páálí fẹ́ iná náà títí èéfín fi tán, tí èédú pọ́n dáadáa, tí eérú funfun tín-ín-rín sì bò ó lórí.

“Ó ti jó kanlẹ̀ báyìí,” ni màmá rẹ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà. “Gbé e wọlé, ọmọ mi. Kò ní ta ẹnikẹ́ni lójú mọ́.”

Kò sí ẹni tó lè bá màmá wí. Èédú ni wọ́n ti ń dáná láti kékeré, wọn kò sì tíì rí ẹni tó kú sídìí rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́ já láti ọ̀tún sí òsì ni wọ́n ti ń dáná ọ̀hún. Pálọ̀ Amẹ́ríkà yàtọ̀. Wọ́n ti dí gbogbo ihò àti àlàfo rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù má bàa jò síta.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iná ti dé àárín pálọ̀. Wọ́n gbé e ka orí búlọ́ọ̀kù, wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yí i ká ní ìwọ̀n tí iná kò fi lè ta bá aṣọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì ká táwẹ́ẹ̀lì sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn kí ooru má bàa sá lọ. Bàbá ṣí fèrèsé kan sílẹ̀, bí ìbú ìka méjì. Kò pẹ́ tí òtútù tó ń gba ibẹ̀ wọlé fi sú ìyá ìkókó, ó sì tì í.

Láàárín wákàtí kan, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ màmá àgbà. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ni, wọ́n lo oògùn wọn. Ọmọkùnrin ní èébì ń gbé òun, ìyá rẹ̀ ní ìrẹsì tútù tó jẹ ni. Bàbá kò sọ nǹkan kan. Oorun ti gbé e lọ, oorun wíwúwo tí kì í tètè kùn ún. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí kò bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ tí orí bá ń fọ́ ẹnì kan, tí inú ẹnì kejì ń rú, tí ẹnì kẹta kò lè la ojú, nínú yàrá kan náà, láàárín wákàtí kan náà, tí ara kò sì gbóná, ó yẹ kí èèyàn fura sí afẹ́fẹ́ tí gbogbo wọn jọ ń mí.

Kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì ni orúkọ ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ náà. Gáàsì ni, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú, kì í sì í mú èèyàn wúkọ́. Bí èédú ṣe ń pèsè rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gba ìsàlẹ̀ wọ inú èédú tó ń jó, ọ́síjìn inú rẹ̀ á kọ́kọ́ so pọ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù inú èédú, á sì di kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, irú èyí tí àwa náà ń mí síta. Bí gáàsì yìí ṣe ń gòkè kọjá láàárín ẹ̀yín iná tó pọ́n, èédú gbígbóná á gba ọ́síjìn kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì ló máa ṣẹ́ kù.

Ẹni tó bá ti dúró ti iná èédú lálẹ́ yóò ti rí iná búlúù kéékèèké tó máa ń jó lórí rẹ̀. Gáàsì yìí gan-an ló ń jó níbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí iná búlúù náà bá ń jó, apá kan gáàsì náà ń jóná kó tó bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Nígbà tí iná búlúù bá kú, tí eérú bo ẹ̀yín iná, gáàsì náà kò tíì dáwọ́ dúró. Kò kàn sí ohun tó ń jó o mọ́ ni. Ìyẹn ni pé àsìkò tí màmá rò pé iná ti mọ́ tónítóní, tí kò rú èéfín, tó kàn ń móoru jẹ́jẹ́, àsìkò yẹn gan-an ni májèlé ń tú jáde ní gbangba. Ó sì lè máa tú bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, títí èédú yóò fi di eérú pátápátá. Èéfín igi ìbá ti lé wọn jáde pẹ̀lú omi lójú. Èédú kò ní èéfín yẹn, nítorí wọ́n ti sun èéfín inú igi kúrò níbi tí wọ́n ti ń ṣe èédú.

Èédú tí èyí nílò kò pọ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká sọ pé pálọ̀ wọn gùn ní mítà márùn-ún, ó fẹ̀ ní mítà mẹ́rin, àjà rẹ̀ sì ga ní mítà méjì àtààbọ̀. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á jẹ́ lítà 50,000. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ náà sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, tí 400 péré nínú rẹ̀ jẹ́ kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì, orí á fọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ láàárín wákàtí kan sí méjì. Bí ó bá sì pẹ́ sí i, ẹ̀mí wọn wà nínú ewu. Gbogbo gáàsì tí a ń sọ yìí kò ju lítà 20 lọ, kábọ́ọ̀nù tó sì wà nínú lítà 20 yẹn jẹ́ gíráàmù mẹ́wàá péré. Ègé èédú kan ni, èyí tí èèyàn lè fi ìka méjì mú. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo èédú ló ń di gáàsì yìí nígbà tó bá ń jó, afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì máa ń pààrọ̀ nínú yàrá. Ṣùgbọ́n bàbá kò da gíráàmù mẹ́wàá sínú irin náà. Ó tó kílò kan.

Èyí ni kò jẹ́ kí fèrèsé ìka méjì já mọ́ nǹkan kan. Fèrèsé tó lè lé gáàsì tó ń tú jáde bẹ́ẹ̀ síta yóò lé ooru síta pẹ̀lú, iná tí wọ́n dá á sì di asán. Kò sí ìwọ̀n kan láàárín méjèèjì tí ilé á fi gbóná tí afẹ́fẹ́ á sì mọ́, nígbà tó jẹ́ èédú ló ń jó. Àwọn míì máa ń rò pé gáàsì náà á wà lókè tàbí nílẹ̀, pé àwọn lè sá fún un nípa bí àwọn ṣe sùn. Ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti afẹ́fẹ́ dọ́gba, nítorí náà ṣe ló ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ láti ilẹ̀ dé àjà.

Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń pa èèyàn. Hẹmoglóbìn, èyí tó sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa, ló ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró kiri ara. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì máa ń so mọ́ hẹmoglóbìn yìí ní ìlọ́po tó ju igba lọ sí bí ọ́síjìn ṣe ń so mọ́ ọn. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti gba àyè. Èèyàn á máa mí dáadáa, àyà á máa lọ sókè sódò, ọpọlọ àti ọkàn á sì máa kébi ọ́síjìn. Iṣan ẹsẹ̀ náà ń kébi. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí gáàsì yìí bá mú fi lè mọ̀ pé ó yẹ kí òun jáde, kí ẹsẹ̀ má sì lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

Ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kọjá aago mọ́kànlá, alámù dún ní ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ inú ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló dún ṣáṣá, ó dákẹ́, ó tún dún ẹ̀ẹ̀mẹrin. Bàbá gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ọ nínú àlá. Ó rò pé bátìrì ló fẹ́ tán. Ṣùgbọ́n alámù tí bátìrì rẹ̀ ń tán kì í dún bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń dún kín-ún, tí á tún dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra túmọ̀ sí pé gáàsì ti wà nínú ilé.

Bàbá dìde láti lọ pa á. Ìgbésẹ̀ méjì ló gbé, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó jókòó sílẹ̀. Bó ṣe jókòó yẹn ló jí ìyàwó rẹ̀ lójú oorun. Obìnrin náà gbé ìkókó, ó ta táwẹ́ẹ̀lì kúrò ní ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, ó sì rí nọ́mbà tó ń tàn lójú alámù: 236.

“Màmá, ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jáde!”

“Jáde lọ síbo, nínú òtútù yìí?”

Kò dá wọn lóhùn. Ó gbé ìkókó síta, ó padà sẹ́nu ọ̀nà, ó fa ọmọ méjèèjì jáde pẹ̀lú aṣọ ìbora wọn, bàbá sì fi ìbàdí wọ́ tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú màmá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọkọ̀ wọn wà níta, ní iwájú ilé. Inú rẹ̀ ni wọ́n kó sí, wọ́n sì tan hítà rẹ̀. Pé ọkọ̀ náà kò sí nínú gáráàjì kì í ṣe ohun kékeré, nítorí àwọn tó tan ọkọ̀ nínú gáráàjì lóru yẹn kí wọ́n lè móoru kó sínú gáàsì kan náà láti inú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tútù ti fẹ́ sí bàbá díẹ̀, ó fẹ́ padà lọ gbé iná náà síta. Ìyàwó rẹ̀ di apá rẹ̀ mú. “Dádì, ẹ má wọlé!” Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ní gáàsì yìí tẹ́lẹ̀ kò ní láti mí púpọ̀ sí i kó tó ṣubú, bó bá sì ṣubú tó dá wà nínú ilé, ta ni yóò wọ́ ọ jáde?

Wọ́n pe 911. Àwọn panápaná pẹ́ kí wọ́n tó dé, nítorí kì í ṣe ilé kan ló ń pè lóru yẹn. Pẹ̀lú pé ilẹ̀kùn ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jáde, ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wọlé ṣì kà ju 100 lọ ní pálọ̀. Wọ́n gbé iná síta, wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé, wọ́n sì kó ìdílé náà lọ sí ilé ìwòsàn.

Níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kan fi ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n máa ń kì bọ ìka wo ọ́síjìn màmá. Ó kà 98. Ó yẹ kí gbogbo èèyàn mọ èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti ra ẹ̀rọ náà sílé láti ìgbà àrùn Kòrónà: kò lè mọ ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn yàtọ̀ sí èyí tó gbé kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì. Nọ́mbà rẹ̀ lè dára nígbà tí aláìsàn ń kú lọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń ka gáàsì náà fúnra rẹ̀, ló ń sọ òótọ́, dókítà kò sì ní ṣe é bí kò sí ẹni tó sọ fún un pé èédú jó nínú ilé.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni ọ́síjìn tí kò lábùlà, nípasẹ̀ ohun tí wọ́n fi bo imú àti ẹnu. Bí èèyàn bá ń mí afẹ́fẹ́ lásán, ó máa ń gba bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ìdajì gáàsì náà tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Pẹ̀lú ọ́síjìn, á dín sí nǹkan bíi wákàtí kan sí kan àtààbọ̀. Aláboyún àti àwọn tó dákú ni dókítà sábà máa ń rò ó fún bóyá wọ́n nílò yàrá tí wọ́n ti ń fi agbára fún ọ́síjìn mọ́ ara, nítorí ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú oyún máa ń di gáàsì yìí mú ju ti ìyá rẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, ṣùgbọ́n dókítà kò jẹ́ kí wọ́n lọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọpọlọ àwọn kan máa ń ṣàìsàn padà lẹ́yìn tí wọ́n ti rò pé ó tán: ìgbàgbé, ìṣesí tó yí padà, ìrìn tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ó ní kí wọ́n ṣọ́ màmá jù. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n má ṣe pè é ní ọjọ́ orí.

Ìpínlẹ̀ Tẹ́sáàsì ka òkú 246 sí ìjì náà lọ́rùn. Mọ́kàndínlógún nínú wọn ni gáàsì yìí pa, àwọn tó sì wá ìtọ́jú nítorí rẹ̀ lé ní 1,400. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìjì oṣù Kejìlá ọdún 2006 ní ìpínlẹ̀ Wọṣíńtìnì, ní apá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àwọn àjèjì tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ló gbé èédú wọlé. Ìwé ìròyìn ńlá ìlú Siátù tẹ ìkìlọ̀ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní èdè mélòó kan kí gbogbo wọn lè kà á. Lára àpò èédú tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, àwòrán wà tí wọ́n fi ilé, àgọ́ àti ọkọ̀ hàn pẹ̀lú iná nínú wọn, tí wọ́n sì fi ìlà kọjá lórí rẹ̀, nítorí ẹni tí kò lè ka ìkìlọ̀ náà.

Ní Nàìjíríà, jẹnẹrétọ̀ ló sábà máa ń mú gáàsì kan náà wọ yàrá, pàápàá èyí tí wọ́n gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè.

Alámù ìdílé yìí, ojú iná ni wọ́n kì í bọ̀, bátìrì sì wà nínú rẹ̀. Ká ní kò ní bátìrì ni, àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí iná lọ ni òun náà ìbá ti kú, nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀ jù. Kò sì pẹ́ kó tó dún láìnídìí. Ìlànà Amẹ́ríkà fún irú alámù bẹ́ẹ̀ wo bí gáàsì ṣe pọ̀ tó àti bí ó ṣe pẹ́ tó: bó bá jẹ́ 70, alámù lè dúró fún wákàtí kan sí mẹ́rin, bó bá jẹ́ 150, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí àádọ́ta, bó bá tó 400, ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n kì í bọ̀, ilẹ̀kùn pálọ̀ sì wà ní títì pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lẹ́sẹ̀. Gáàsì ní láti kọ́kọ́ pọ̀ ní pálọ̀ kó tó jò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí iná padà dé, bàbá ra méjì sí i. Ó gbé ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ yàrá ìsùn, èkejì sí pálọ̀, kò fi kọ́tìnì tàbí àga bo èyíkéyìí nínú wọn. Ó tún yí ti àtijọ́ sẹ́yìn láti wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí i. Ohun inú rẹ̀ tó ń mọ gáàsì máa ń rẹ̀, láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá, ó da lórí irú èyí tí èèyàn rà. Bọ́tìnnì ìdánwò tí wọ́n máa ń tẹ̀ ń sọ bóyá bátìrì ní agbára àti bóyá aago rẹ̀ ń dún. Kì í sọ bóyá ó ṣì lè mọ gáàsì. Alámù ọdún méjìlá lè dún kíkan nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, kó sì dákẹ́ lójú 400.